Lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó orí: mo san díẹ̀ jù, mo fẹ́ san ìyókù díẹ̀díẹ̀

Òǹtẹ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lẹ́tà kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kékeré ni mo ń ṣe, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo sì ń kéde owó orí ọjà. Nígbà tí mo ń to ìwé ọdún yìí jọ ni mo rí i pé owó tíránsífà tó ń wọ àkáǹtì kejì kò sí nínú ìwé ọjà rárá. Owó káàdì àti owó ọwọ́ nìkan ni mo ti ń kéde. Gbogbo owó tó wọ àkáǹtì kejì yẹn láti oṣù 1 títí dé oṣù 9 jẹ́ 2,915,000. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà tiwa, nítorí náà mo ṣírò rẹ̀ sí 291,500. Ọ́fíìsì owó orí kò tíì bi mí ní nǹkan kan. Mi ò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Nítorí ọjà tí kò tà àti ìnira oríṣiríṣi, mi ò san owó orí mi pé. Nǹkan bí 291,500 ni mo jẹ. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ mi bá ṣe ń ká a."

Kí ni ẹ rí sí i?

Àkọ́sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ó dáa tí ẹ kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí ohun mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yìí tó máa pa yín lára.

Àkọ́kọ́ ni "nǹkan bí". Ẹni tí lẹ́tà yín máa dé ọwọ́ rẹ̀ ní fáìlì yín níwájú. Ó fẹ́ mọ irú owó orí wo ni, oṣù wo sí oṣù wo, iye tí ẹ kéde, iye tó yẹ kí ẹ kéde, àti ìyàtọ̀ àárín wọn. Bí ẹ bá kọ "nǹkan bí", ẹ ti sọ fún un pé ẹ̀yin fúnra yín kò tíì mọ iye náà. Kò sí ohun tó kù fún un ju kó wá wá a fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé kó pè yín fún àyẹ̀wò ìwé.

Èkejì, "ọjà tí kò tà" kọ́ ló fà á. Ohun tó fà á ni pé àkáǹtì kan kò wọ inú ìwé ọjà yín. Bí ẹ bá fi ìdí tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá rí stétímẹ́ǹtì báńkì tó fi hàn pé ọjà ń tà, wọn kò ní gba ìyókù lẹ́tà náà gbọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta, "bí ọwọ́ mi bá ṣe ń ká a" kì í ṣe ètò ìsanwó. Kò sí iye, kò sí ọjọ́, kò sí ibi tó parí sí. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè buwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ lẹ́tà, iye yẹn fúnra rẹ̀ kò dá mi lójú. Ṣé ẹ ti ka stétímẹ́ǹtì àkáǹtì kejì ní ìlà kọ̀ọ̀kan? Kì í ṣe gbogbo owó tó wọ àkáǹtì ni ọjà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjà, owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbé wá láti àkáǹtì kìíní, owó tí ẹ yá, owó tí ẹni tí ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ dá padà. Ọjà nìkan la ń wá. Ẹ sọ ohun mìíràn fún mi pẹ̀lú: iye tí ẹ ń pè fún oníbàárà, ṣé owó orí ti wà nínú rẹ̀, àbí ẹ máa ń fi kún un lẹ́yìn?

Kúnlé Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, lójú tèmi, ẹ ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. Kò sí ìdí láti kọ lẹ́tà. Ẹ kàn fi iye tó kù kún fọ́ọ̀mù oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, kí ẹ san án pa pọ̀. Àwọn ọ́fíìsì owó orí fàyè gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Àkọ́sílẹ̀

Kúnlé, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí o sọ. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n fàyè gbà á kí èèyàn tún àṣìṣe kékeré ṣe nínú fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ gbèdéke máa ń wà tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣìṣe gidi, kì í ṣe ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Kí òǹtẹ̀wé kọ́kọ́ wo ìlànà ọ́fíìsì tirẹ̀.

Wàhálà ọ̀nà tí o sọ yìí nìyí. Ọjà oṣù 1 ti di ọjà oṣù 10 nínú fọ́ọ̀mù, èlé tó yẹ kó ti máa gorí owó náà láti ìgbà yẹn kò sì hàn níbì kankan. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ọ̀la, kò ní jọ àtúnṣe lójú wọn. Yóò jọ ohun tí wọ́n fi pa mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí kò lè san án lẹ́ẹ̀kan ni a ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá fi kún fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa pé.

Òǹtẹ̀wé

Mo ti ka stétímẹ́ǹtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gba ìrọ̀lẹ́ méjì. Ẹ ṣeun gan-an, nítorí mo rí 200,000 tí àbúrò mi yá mi ní oṣù 4, mo sì rí 75,000 tí mo fúnra mi gbé wá láti àkáǹtì kìíní láti fi ra pépà. Ọjà gidi jẹ́ 2,640,000. Oṣù 1 sí oṣù 3 jẹ́ 660,000, oṣù 4 sí oṣù 6 jẹ́ 880,000, oṣù 7 sí oṣù 9 jẹ́ 1,100,000.

Ní ti iye tí mo ń pè, iye kan ṣoṣo ni. Oníbàárà béèrè èló, mo sọ, ó san. Owó orí wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, 264,000 ni owó orí rẹ̀, àbí?

Àkọ́sílẹ̀

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń san ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjà tó jẹ́ 100, tí owó orí 10 gùn lé, 110 ni oníbàárà san. Owó orí tó wà nínú 110 yẹn jẹ́ 10, kì í ṣe 11. Ìdá kan nínú mọ́kànlá ni ti ohun tí ẹ gbà. Bí owó orí bá ti wà nínú iye, mọ́kànlá ni ẹ máa fi pín in nígbà tó bá jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, ìpín tirẹ̀ yóò yàtọ̀.

660,000 yóò fún yín ní 60,000. 880,000 yóò fún yín ní 80,000. 1,100,000 yóò fún yín ní 100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240,000. Ẹ rí i pé láti 291,500 la ti bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì parí. Pépà àti yíǹkì tí ẹ fi ṣe àwọn iṣẹ́ yẹn, ṣé ẹ ti yọ owó orí tí ẹ san lórí wọn nínú àwọn fọ́ọ̀mù tó ti lọ? Bí ẹ kò bá tíì yọ ọ́, tí ìwé owó tí wọ́n fún yín sì ní orúkọ yín àti nọ́ńbà owó orí ẹni tó tà á, ẹ lè béèrè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù àtúnṣe, bí àsìkò rẹ̀ kò bá tíì kọjá ní ọ́fíìsì tiyín. Èyí tó jẹ́ rìsíìtì ṣákálá tí kò ní orúkọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ohun tí wọ́n máa kọ̀ ba ohun tí wọ́n máa gbà jẹ́.

Òǹtẹ̀wé

Mo rí 36,000 tí mi ò tíì yọ. Nínú rẹ̀, 6,000 wà lórí rìsíìtì tí kò ní orúkọ mi, mo sì ti yọ ìyẹn kúrò. 10,000 jẹ́ ti oṣù 4 sí oṣù 6, 20,000 jẹ́ ti oṣù 7 sí oṣù 9.

Nítorí náà ó ku 60,000, 70,000 àti 80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210,000.

Ìyá Àránṣọ

Ẹ dákun, èmi náà ní ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́. Owó orí tí mo yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mi mẹ́rin ni mi ò fi ránṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ṣé mo lè lo irú lẹ́tà yìí?

Àkọ́sílẹ̀

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ìlà inú lẹ́tà lè jọra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín le ju ti òǹtẹ̀wé lọ. Owó yẹn kì í ṣe tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló ni ín, ẹ kàn yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a gbé e lọ ni. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í fẹ́ fàyè gba ìsanwó díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀, ibòmíràn sì wà tí àìfi í ránṣẹ́ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ẹ bá rí owó kankan, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ fi ìwé owó oṣù han agbẹjọ́rò tàbí akáńtáǹtì tó mọ òfin owó orí. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ owó orí ọjà nínú lẹ́tà kan náà, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mójú tó wọn.

Bàbá Òǹtajà

Ọmọ mi, má gbà fún wọn bẹ́ẹ̀ yẹn. Kọ̀wé pé o kò gbà pẹ̀lú iye tí wọ́n ní o jẹ. Ẹ̀tọ́ wà fún ọ láti tako ohun tí wọ́n bá bù fún ọ, o sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé.

Àkọ́sílẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé ẹ̀tọ́ yẹn wà, àti pé ọjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí, tí kò sì gbà, ló ń kọ irú ìyẹn. Wọn kò tíì bu nǹkan kan fún òǹtẹ̀wé. Òun ló fúnra rẹ̀ rí àṣìṣe. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ àtakò, wọn kò ní mọ ohun tó ń takò.

Pé wọn kò tíì bi í ní nǹkan kan ni agbára tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ kí wọ́n tó bi í, ìtanràn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ tàbí kí wọ́n fò ó. Èlé kì í sábà kúrò. Lọ́jọ́ tí ìwé àyẹ̀wò bá wọlé, ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀kùn yẹn ti pa. Nítorí náà ẹ má fi lẹ́tà pamọ́ títí tí owó yóò fi pé lọ́wọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí iye náà bá ti dá yín lójú.

Ṣadé K.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìpín tí ẹ fẹ́ máa san, nítorí ibẹ̀ ni àdéhùn ti máa ń já. Ẹ fún wa ní ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde lóṣù, bó ṣe rí gan-an.

Òǹtẹ̀wé

Tí mo bá pín oṣù mẹ́sàn-án dọ́gba, 620,000 ló ń wọlé. Owó ilé iṣẹ́ 90,000, owó oṣù títí kan tèmi 210,000, pépà àti yíǹkì 220,000, mo sì fẹ́ máa ya 40,000 sọ́tọ̀ fún owó orí ọjà tó ń lọ lọ́wọ́. Ó ku 60,000. Mo rò pé kí n sọ pé 55,000 lóṣù, kí wọ́n lè rí i pé mo múra sí i.

Ṣadé K.

Ẹ má ṣe é. 60,000 jẹ́ ohun tó ń kù tí ẹ bá pín gbogbo oṣù dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí oṣù tó ń wá bá èèyàn ní dídọ́gba. Oṣù tó burú jù nínú mẹ́sàn-án yẹn, èló ló kù?

Òǹtẹ̀wé

Oṣù 8. 32,000.

Ṣadé K.

32,000 ni ẹ máa fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ẹ bá ṣèlérí 55,000, oṣù tó bá dà bí oṣù 8 yóò já àdéhùn náà. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn báyìí, ìpín kan ṣoṣo tí ẹ bá fò, gbogbo ìyókù ti di sísan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ pè é ní 28,000, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù fún ohun tí kò ṣeé rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá fi owó díẹ̀ síwájú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá lè rí 42,000, ìdá márùn-ún 210,000 nìyẹn. Ó ku 168,000, èyí tí í ṣe 28,000 lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà, ó tán. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yóò tètè gba ohun tó kúrú tó sì ní òpin ju ohun tó gùn tó sì tóbi lẹ́nu lọ.

Ọjọ́ wo ni àwọn oníbàárà tó ń san owó ńlá máa ń sanwó?

Òǹtẹ̀wé

Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù.

Ṣadé K.

Ẹ mú ọjọ́ 25. Ẹ má mú ọjọ́ 1 nítorí pé ó dùn ún kọ.

Àkọ́sílẹ̀

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. 40,000 tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún owó orí tó ń lọ lọ́wọ́ ṣe pàtàkì bákan náà. Bí ẹ bá ń san gbèsè àtijọ́, tí ẹ wá jẹ gbèsè tuntun ní oṣù 1 ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí fọ́ọ̀mù bá pé, wọ́n lè fagi lé àdéhùn náà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì fo ìpín kankan.

Ohun kan tó kù: ọjà 2,640,000 yẹn kò kan owó orí ọjà nìkan. Èrè yín lọ́dún ti lọ sókè pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì kéde owó orí èrè ọdún yìí, ẹ fi sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kéde. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ apá kan tó sì fi apá kejì sílẹ̀ ti fúnra rẹ̀ fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n.

Ẹ tún rántí pé lẹ́tà kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Ẹ gbọ́dọ̀ kún fọ́ọ̀mù àtúnṣe fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, kí iye inú fọ́ọ̀mù àti iye inú lẹ́tà dọ́gba láìsí ìyàtọ̀ kankan. Bí fọ́ọ̀mù kò bá sí, kò sí gbèsè nínú ìwé wọn tí wọ́n lè pín sí ìpín.

Mo ti bá yín tún lẹ́tà náà kọ:

> Ọjọ́ 10, oṣù 11
>
> Sí Ọ̀gá Ọ́fíìsì Owó Orí
>
> Orúkọ iṣẹ́ àti nọ́ńbà owó orí: (ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀)
>
> Owó orí ọjà tí mo san díẹ̀ jù, oṣù 1 sí oṣù 9 ọdún yìí, àti ètò láti san án ní ìpín
>
> Ẹ̀yin Ọ̀gá,
>
> Mo kọ̀wé yìí láti fi tó yín létí pé owó orí ọjà tí mo kéde fún oṣù 1 sí oṣù 9 kò pé. Èmi fúnra mi ni mo rí àṣìṣe náà nígbà tí mo ń to ìwé ọdún jọ. Kò sí ìwé ìbéèrè tàbí ti àyẹ̀wò kankan láti ọ̀dọ̀ yín tó ti dé ọwọ́ mi lórí rẹ̀.
>
> Ohun tó fà á ni pé owó tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì báńkì kejì ti iṣẹ́ yìí kò wọ inú ìwé ọjà. Owó káàdì àti owó ọwọ́ nìkan ni mo kéde.
>
> Iye tó kù láti san lẹ́yìn tí mo yọ owó orí tí mo san lórí ohun èlò nìyí:
>
> Oṣù 1 sí 3: 60,000
> Oṣù 4 sí 6: 70,000
> Oṣù 7 sí 9: 80,000
> Àpapọ̀: 210,000
>
> Fọ́ọ̀mù àtúnṣe mẹ́ta, stétímẹ́ǹtì àkáǹtì náà tí mo kọ àlàyé sí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, àti ẹ̀dà àwọn ìwé owó ohun èlò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.
>
> Mo ti san 42,000 lónìí, ẹ̀dà rìsíìtì rẹ̀ wà níbí. Mi ò lè san ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà láìdá iṣẹ́ dúró. Mo ń béèrè pé kí ẹ gbà kí n san 168,000 tó kù ní ìpín mẹ́fà, 28,000 ní ọjọ́ 25 oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù 12 títí dé oṣù 5. Àlàyé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lóṣooṣù wà nínú ìwé tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé èlé yóò máa gorí ìyókù. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ìpín ìkẹfà tó pé, kí n lè san án lẹ́yìn rẹ̀.
>
> Láti oṣù 10, àkáǹtì méjèèjì ti ń wọ inú ìwé ọjà kan náà, mo sì ń fi wọ́n wé stétímẹ́ǹtì báńkì ní òpin oṣù. Èmi yóò máa kéde, èmi yóò sì máa san owó orí tó ń lọ lọ́wọ́ ní àsìkò rẹ̀.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní èsì ní kíkọ.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (orúkọ, ìbuwọ́lùwé, nọ́ńbà fóònù)

Ìlà tó sọ pé "àkáǹtì méjèèjì ti ń wọ inú ìwé ọjà kan náà", ẹ má kọ ọ́ bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é ná, kí ẹ tó kọ ọ́.

Kúnlé Ìṣirò

Mo gbà pé èyí dára ju ohun tí mo sọ lọ. Àmọ́ kí ló dé tí ẹ kò bẹ̀ wọ́n lórí ìtanràn nínú rẹ̀?

Àkọ́sílẹ̀

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Lójú tèmi, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ètò ìsanwó náà, kí wọ́n bu ìtanràn bí wọ́n bá fẹ́, lẹ́yìn náà kí èèyàn kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ láti béèrè pé kí wọ́n fò ó, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó ti san ìpín méjì tàbí mẹ́ta láìfò.

Ṣadé K.

Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí yín díẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì kan wà tó jẹ́ pé inú ìwé ìjẹ́wọ́ gan-an ni wọ́n ti ń fẹ́ rí ẹ̀bẹ̀ ìtanràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Ìlà kan péré tó fún un: "Nítorí pé èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè, mo bẹ̀ yín kí ẹ wo ọ̀rọ̀ ìtanràn pẹ̀lú àánú." Kò pa lẹ́tà náà lára.

Àkọ́sílẹ̀

Bí ìlànà ibẹ̀ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Kí òǹtẹ̀wé béèrè ní kàúńtà kó tó tẹ lẹ́tà náà jáde.

Òǹtẹ̀wé

Ọlọ́run á san án fún yín gbogbo. Ìbéèrè méjì tó kù: ṣé kí n san 42,000 yẹn kí wọ́n tó dáhùn? Bí wọn kò bá dáhùn ńkọ́?

Àkọ́sílẹ̀

Ẹ san án kí ẹ tó lọ, nítorí owó tó ti wọlé máa ń fún lẹ́tà lágbára, èlé kò sì ní gorí apá yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa san án. Bí ẹ bá kàn san owó sí nọ́ńbà owó orí yín láìsọ ohun tó wà fún, ó lè lọ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tàbí kí kọ̀ǹpútà wọn kọ́kọ́ fi san ìtanràn tàbí gbèsè kan tó dàgbà jù, kí ẹ wá rí i pé 210,000 kò dín kù. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí ìsanwó, ẹ kọ owó orí ọjà, oṣù 1 sí 3. Ibi tó bá ti jẹ́ pé fọ́ọ̀mù àtúnṣe ló máa ń fún èèyàn ní nọ́ńbà ìsanwó, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn san án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ béèrè fún stétímẹ́ǹtì àkáǹtì owó orí yín, kí ẹ rí i pé 42,000 wọ orí 60,000 àkọ́kọ́ yẹn, tó wá ku 18,000.

Ní ti èsì, ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ máa gbé padà, tàbí kí ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún yín bó bá jẹ́ orí ayélujára. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ má dúró. Ní ọjọ́ 25 oṣù 12, ẹ san 28,000 bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ má rò pé àìdáhùn wọn túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà, nítorí wọ́n ṣì lè béèrè gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ kọ lẹ́tà kúkurú kan tó tọ́ka sí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ náà, kí ẹ so rìsíìtì tí ẹ ti ní mọ́ ọn.

Ìyá Àránṣọ

Bí ohun tó kù ní oṣù kan bá wá kéré sí 32,000 yẹn ńkọ́?

Ṣadé K.

Kó kọ̀wé kí ọjọ́ 25 tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kó sì san èyí tó bá rí. Kó sọ iye tó san, iye tó kù, àti ọjọ́ tó máa san án. Ẹni tó bá sọ ọ́ ṣáájú ṣì wà nínú àdéhùn lójú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́yìn ti jáde.

Òǹtẹ̀wé

Mo lọ sí kàúńtà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ẹ̀bẹ̀ ìtanràn wà nínú lẹ́tà kan náà, mo sì ti fi ìlà Àǹtí Ṣadé kún un. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe méjì ti wọlé. Ti oṣù 7 sí oṣù 9 ni kò tíì gbà, ẹ̀rọ ń sọ pé oṣù yẹn ṣì wà lábẹ́ àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí?

Àkọ́sílẹ̀

Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì parí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ fún oṣù yẹn, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ. Ẹ ya àwòrán ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà sórí pépà, kí ẹ so méjèèjì mọ́ lẹ́tà. Ẹ fi ìlà kan kún un pé ẹ gbìyànjú láti fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí, ẹ̀rọ kò gbà á. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dá lẹ́tà dúró.